Ọmọ Tíṣà àti Àwọn Àpótí Ìyàwó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, nígbà tí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ni owú wọ inú Tíṣà. Ẹni tí ó bá sọ pé ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, irọ́ ni ó pa. Títí di ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú àkókò yìí, Tíṣà ṣì ń bá gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù awò ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti mu omi, ó sì ti fi aṣọ rírọ̀ tí wọ́n fi ń nu jígí nu ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyàwó, tẹ nǹkan kan lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn, ó sì pọ tíkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ kan jáde. Kò pẹ́ ni fóònù oníbàárà tí ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dún. Oníbàárà náà wò ó, ó ní, "Wọ́n ní àwọn ti gba iṣẹ́ mi. Ta ni ó kọ ọ́? Gbogbo yín ni ẹ ń wò mí yìí."

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ìyàwó, ọ̀sán méjì péré ni o fi ṣe èyí? Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi nínú."

Tíṣà rántí pé oṣù mẹ́rin gbáko ni òun fi ṣe tòun, kò sì sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́.

Kí ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ má baà ṣìnà, ó yẹ kí á tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹni tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ìyá Awò, ni ó ni ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìwòsàn ojú mẹ́ta ni ó máa ń fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí i pé lágbájá nílò jígí oní-nọ́ńbà báyìí báyìí. Agéjígí, ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ tóbi bí ti alágbẹ̀dẹ tí ìka rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ti aránṣọ, ni ó ń gé jígí náà tí ó sì ń fi í sínú férémù. Tíṣà fúnra rẹ̀ ti fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìṣirò. Ní ọdún méje sẹ́yìn, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju èyí tí ọwọ́ lè dà kọ lọ, ó fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ ní èdè kọ̀ǹpútà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò kan tí ó ju ẹgbẹ̀rin ìlà lọ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ètò náà a jí, a ṣí ìmeèlì, a ka ohun tí ilé ìwòsàn kọ, a dà á kọ sínú àkọsílẹ̀, a tẹ tíkẹ́ẹ̀tì fún Agéjígí, a sì padà sùn. Kọ̀ǹpútà tí ó ń gbé wà lábẹ́ tábìlì Tíṣà, pẹ̀lú páálí kan tí ó lẹ̀ mọ́ ọn: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ PA Á.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù sọ ètò náà ní Ọmọ Tíṣà. Láràárọ̀ ni Agéjígí máa ń bèèrè pé, "Tíṣà, ṣé ọmọ yín ti jí?" Tíṣà a sì dáhùn pé, "Ó ti jí, ó ti wẹ̀, ìwọ ni ó ń dúró dè." Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n inú Tíṣà a máa dùn sí i ju bí ẹ̀fẹ̀ ti tó lọ.

Nínú oṣù kìíní ọdún náà ni Ọmọ Tíṣà dití. Ilé iṣẹ́ tí ń gbé ìmeèlì wọn ti kéde pé àwọn kò ní gba pásíwọọ̀dù lásán mọ́ lọ́wọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, pé kọ́kọ́rọ́ irú mìíràn ni kí olúkúlùkù lọ gbà. Tíṣà ka ìkéde náà, ó ní òun yóò ṣe é lọ́la; ọ̀la sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ilẹ̀kùn ìmeèlì tì, Tíṣà wà ní ilé àna rẹ̀, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í ti í dé. Ètò náà kò pariwo, nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò kọ́ ọ ní ariwo pípa. Fún ọjọ́ méjì, iṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó sínú ìmeèlì láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ìyàwó, tí kò tíì lo oṣù méjì ní ṣọ́ọ̀bù, ni ó jókòó tí ó ń fi ọwọ́ dà wọ́n kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Tíṣà dé, ó tún un ṣe, ó sì nà ró.

Ó ní, "Ogójì ìṣẹ́jú péré ni mo fi tún un ṣe."

Ìyá Awò ní, "Ogójì ìṣẹ́jú tìrẹ, ọjọ́ méjì tèmi."

Láti inú ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn àpótí Ìyàwó ti wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí a ń wí yìí, nígbà tí àtẹ́wọ́ tán, Tíṣà fa àga, ó jókòó tì í.

"Ìyàwó, fi hàn mí."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ wò ó, àpótí kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà yìí ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí ń ṣọ́ ìmeèlì. Èyí ń fa nọ́ńbà yọ nínú rẹ̀. Èyí ń kọ ọ́ sínú ṣíìtì, ìwé onílà orí ayélujára yẹn. Èyí ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì. Èyí tí ó kẹ́yìn ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà. Èmi kàn ń fa okùn láti ọ̀kan dé èkejì ni."

"Ta ni ó kọ ohun tí ó wà nínú àpótí?"

"Ilé iṣẹ́ orí ayélujára tí ó ni ín ni, Bàbá."

"Nítorí náà, ìwọ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀."

"Mo mọ ohun tí ó ń ṣe. Èmi kò mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ fíríìjì pẹ̀lú, Bàbá, ṣùgbọ́n omi mi ń tutù."

Agéjígí tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó dun Tíṣà jù, nítorí pé Agéjígí kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí fún ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀.

Tíṣà kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀rín kò lè bò. Ìgbésẹ̀ ni àwọn tí ó ni àpótí yìí ń kà láti gba owó. Iṣẹ́ kan, ìgbésẹ̀ márùn-ún. Irinwó iṣẹ́ ni à ń ṣe lóṣù; ẹgbàá ìgbésẹ̀ ni ìyẹn. Ọ̀fẹ́ wọn kò kọjá ẹgbẹ̀rún kan. Bí iṣẹ́ yín bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó wọn yóò máa pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá sì jí lọ́la tí wọ́n ní owó ti di ìlọ́po méjì, ta ni ẹ ó lọ bẹ̀? Tèmi kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín láti ọdún méje."

"Òótọ́ ni," ni Ìyá Awò wí. "Kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dá ọ gúnlẹ̀, ta ni èmi yóò lọ bẹ̀?"



Ìyá Awò dájọ́ báyìí: oṣù kan gbáko ni àwọn méjèèjì yóò fi máa ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì ti àpótí Ìyàwó ni Agéjígí yóò máa lò. Ọmọ Tíṣà yóò máa ka ìmeèlì, yóò sì máa kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò yọ okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí oṣù bá parí, òun yóò mú ọ̀kan, òun yóò sì pa èkejì. Ìyàwó ni ó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì láti yọ okùn náà. "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín díẹ̀," ni ó wí. Tíṣà gbé ẹsẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní gbangba.

Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà kò ti ní ìsinmi. Ó kọ ètò kékeré mìíràn, ọgọ́ta ìlà, tí yóò máa fi àkọsílẹ̀ méjèèjì wé ara wọn ní gbogbo òwúrọ̀. Bí ó bá rí ìyàtọ̀, kí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Tíṣà. Fóònù Tíṣà nìkan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìṣọ́ra ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣọ́ ilé a máa yọ̀ bí olè kò bá wá. Ní ti Tíṣà, ní gbogbo àárọ̀ tí fóònù bá dákẹ́, ojú rẹ̀ a rẹ̀wẹ̀sì.

Fóònù sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní ọjọ́ kejì, Agéjígí ké láti inú yàrá ẹ̀rọ pé, "Ìyàwó, ta ni ó ń jẹ òdo mi? Mo ń rí 2.5 níbi tí ó yẹ kí n ti rí 2.50." Ìyàwó tẹ ibì kan lórí ṣíìtì, àwọn òdo náà sì padà sí ipò wọn. "Ebi ni ó ń pa á, mo ti fún un ní ohun mìíràn," ni ó wí, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan mì nínú ọpọlọ Tíṣà nígbà náà, bí ìgbà tí ènìyàn jáde nílé tí ó rò pé òun gbàgbé nǹkan lórí iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó ń wò, kò wo òdo.

Ní Ọjọ́bọ̀, ilé ìwòsàn kan gbàgbé láti kọ nọ́ńbà fóònù oníbàárà. Àpótí tí ó kẹ́yìn pọ́n bí ata, ó sì ránṣẹ́ sí Ìyàwó lójú ẹsẹ̀ pé ibí ni iṣẹ́ ti há. Kó tó di pé Tíṣà wọ awò ojú rẹ̀, Ìyàwó ti tún un ṣe. Ní ọjọ́ Ẹtì, iná lọ fún wákàtí mẹ́ta. Ọmọ Tíṣà sùn lọ fọnfọn lábẹ́ tábìlì. Àwọn àpótí tí wọn kò gbé inú ṣọ́ọ̀bù rárá ń bá iṣẹ́ wọn lọ, Ìyàwó sì ń ka ohun tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù rẹ̀. Ìyá Awò wo abẹ́ tábìlì, ó wo fóònù, ó sì mi orí. Tíṣà rí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó Tíṣà gan-an bi í pé, "Kí ni ó ń ṣe ọ́ tí o fi ń gé èékánná jẹ?"

"Kò sí."

"Ọmọbìnrin yẹn ni?"

"Ọmọbìnrin wo? Ṣé ẹgbẹ́ mi ni?"

"Èmi kò sọ pé ẹgbẹ́ rẹ ni," ni obìnrin náà wí, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Nígbà tí ó di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù, fóònù Tíṣà dún. Ìyàtọ̀ kan. Iṣẹ́ aránṣọ kan: ojú ọ̀tún +2.50, ojú òsì +3.25 ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ Ọmọ Tíṣà. Nínú ṣíìtì Ìyàwó, 2.50 àti 3.25 ni. Àmì àròpọ̀ kò sí níwájú èyíkéyìí.

Níbí ni ó yẹ kí á ti sọ àṣà kan tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ìyá Awò ti kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí ó kórìíra kíkọ ohun tí kò pọn dandan. Nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí jígí wọn nílò gígé jẹ́ ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán, tí nọ́ńbà wọn sì jẹ́ ti àyọkúrò, ọ̀gá náà kì í kọ àmì àyọkúrò rárá. Àmì àròpọ̀ nìkan ni ó máa ń kọ, fún ẹni tí kò rí ìtòsí. Ìyá Awò tẹ̀lé e, ó sì kọ́ àwọn ilé ìwòsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù tí ó fún wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, 2.50 lásán túmọ̀ sí àyọkúrò. Kò sí ibì kankan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ òfin yìí sí, àfi inú ìlà kan ní àárín ètò tí Tíṣà kọ.

Tíṣà jókòó, ó sì rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò tirẹ̀ ń gba nọ́ńbà náà bí ọ̀rọ̀, bí ó ti wà gan-an ni ó ń dà á kọ. Ṣíìtì ń gbà á bí iye. Lójú ṣíìtì, iye tí ó ní àmì àròpọ̀ àti èyí tí kò ní, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó ju àmì náà nù gẹ́gẹ́ bí ó ti ju òdo nù ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó nílò àròpọ̀ lásán sábà máa ń ra awò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, kì í dé ọ̀dọ̀ Agéjígí. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì hàn. Aránṣọ yìí ni àkọ́kọ́, nítorí pé ojú rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Àpótí kankan kò pọ́n, nítorí pé lójú tiwọn kò sí ohun tí ó bàjẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a tẹ ibi kan, kí a sọ fún ṣíìtì pé ọ̀rọ̀ ni kí ó ka ìlà yẹn sí. Tíṣà mọ èyí pẹ̀lú.

Ó fi fóònù rẹ̀ tẹ ojú ìwé àyẹ̀wò náà jáde. Ó mú bírò pupa, ó fa ìlà méjì sábẹ́ ibi tí àmì ti sọnù, ó sì dìde. Ó dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì Ìyàwó. Ìyàwó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì gbé ojú sókè pẹ̀lú ẹ̀rín, ó na ọwọ́ sí àga kí ó jókòó. Ní àkókò yẹn gan-an ni Ìyá Awò ń kọjá, tí ó sì fi ọwọ́ kan èjìká Ìyàwó bí ẹni ń kọjá lára ọmọ tí ó bí.

Tíṣà yí padà. Ó ní kí ó gé e. Kì í ṣe ẹnu ni ó fi sọ ọ́. Kí Agéjígí gé e, kí aránṣọ náà wá, kí ojú gbogbo wọn là lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí ni jígí méjì? Ṣebí a ó gé òmíràn. Ó fi ìwé náà sínú fáìlì rẹ̀, ó sì fi fáìlì sínú àpótí tábìlì.

Ní Ọjọ́bọ̀, Agéjígí gbé jígí náà sórí ẹ̀rọ. Tíṣà gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí ó jókòó, ìró tí ó ti gbọ́ fún ọdún méje láìbìkítà. Lọ́jọ́ náà, ó dà bí ẹni pé eyín òun ni wọ́n ń gé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó dìde, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó jókòó. Agéjígí fi ẹ̀rọ ìwọ̀n yẹ jígí náà wò, ó sì bá tíkẹ́ẹ̀tì mu wẹ́kú.

Aránṣọ dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú nínú àpò rẹ̀ láti fi dán ojú tuntun wò. Ó fi awò náà sójú. Ó yọ ọ́. Ó tún fi sójú.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Abẹ́rẹ́ kan ni mo mú wá. Ó ti di ìkùukùu lọ́wọ́ mi báyìí."

"Ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ́ ọn lára díẹ̀, Mà," ni Ìyàwó wí.

"Ọmọ mi, ojú wo? Pẹ̀lú ti àtijọ́, mo ń rí ihò abẹ́rẹ́ bí mo bá na ọwọ́ jìnnà. Pẹ̀lú èyí, èmi kò rí ọwọ́ gan-an dáadáa. Ọgọ́ta aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣé kí n máa fi imú rán an ni?"

Ìyá Awò gba awò náà, ó pe Agéjígí. Agéjígí wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wọn, ó ní, "Bí wọ́n ti kọ ọ́ ni mo gé e." Wọ́n wo tíkẹ́ẹ̀tì: 2.50, 3.25. Wọ́n ṣí ìmeèlì ilé ìwòsàn: +2.50, +3.25.

Ojú Ìyàwó yí padà. Ó ní, "Àmì yìí... ṣé ó ní ìtumọ̀ ni, Mọ̀ọ́mì? Mo rò pé iye ni iye."

"Èyí tí kò ní àmì, àyọkúrò ni, láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ?"

"Rárá, Mà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀bi mi ni."

"Mo sọ fún Tíṣà ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé..." Ìyá Awò kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Kí ni tìrẹ kọ?"

Ọ̀rọ̀ tí Tíṣà ti ń dúró dè láti ọjọ́ kẹrin oṣù nìyí. Ó ti tò ó sínú ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Ó ṣí àpótí tábìlì, ó mú fáìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Èmi kò fẹ́ sọ̀rọ̀, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú ara yín wò ó. Àmì náà wà lọ́dọ̀ tèmi. Ohun tí a bá fi ọwọ́ ara wa kọ, a mọ ibi tí ó ti ń mí. Ohun tí a bá yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìgbà tí ó bá ṣubú ni a ó mọ̀ pé kò ní ẹsẹ̀."

Ìyá Awò wọ awò tirẹ̀, ó ka ìwé náà. Ó fi ìka lé ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pupa náà.

"Ọjọ́ wo ni òní?"

"Ọjọ́ Ẹtì, Àǹtí."

"Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Kí ni o kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibí yìí?"

Tíṣà wò ó. Ọdún mọ́kànlélógún ni ó fi ń ka iṣẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Kò sí àṣìṣe tí ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ rí tí kò kọ déètì sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà méjì náà, pẹ̀lú bírò pupa, ní ọwọ́ ìkọ̀wé tí ó gún régé: *Àṣìṣe. 13/3. Wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.*

Agéjígí na ọrùn, ó kà á, ó sì padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan. Ìyàwó kò na ọrùn. Aránṣọ nìkan ni ó sọ̀rọ̀. "Èmi kò mọ ohun tí ẹ ń kà, ṣùgbọ́n ojú yín ti burú ju tèmi lọ."

Ìyá Awò mú awò kan tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, oní +2.50, ó fún aránṣọ pé kí ó fi í ṣe iṣẹ́ títí di ọ̀la, wọn yóò gbé èyí tí ó péye wá bá a nílé. Agéjígí ti ń tan ẹ̀rọ kí wọ́n tó rán an. Nígbà tí aránṣọ lọ, Ìyá Awò jókòó sí àga tí aránṣọ ti dìde.

Ó ní, "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ wà lọ́jà, Tíṣà. O rí orí tí ó wọ́. O mú bírò pupa, o sàmì sí i, o kọ déètì, o sì padà lọ jókòó."

"Àǹtí, mo fẹ́ kí ẹ rí i pé..."

"Mo ti rí i. Bí o bá ti sọ fún mi ní Ọjọ́rú, tìrẹ ni ǹ bá mú. Mo fi ọlá bàbá wa sọ ọ́. Nítorí àmì yẹn nìkan, ǹ bá mú un, ǹ bá sì máa fara da abẹ́ tábìlì." Ó ká ìwé náà sí méjì. "Ètò rẹ kò parọ́. Ó ránṣẹ́ sí ọ lákòókò. Kí ni kí n wá ṣe sí ohun tí ó mọ òótọ́ tí ó sì jẹ́ pé ìwọ nìkan ni ó ń sọ ọ́ fún?"



Ìyá Awò bi Ìyàwó ní èrò tirẹ̀. Ìyàwó ní àwọn àpótí dára fún ohun tí ènìyàn lè rí bí ó bá bàjẹ́: ọ̀rọ̀ tí kò lọ, nọ́ńbà fóònù tí kò sí. Ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù lè ṣí i kí ó sì mọ ibi tí ó há sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bàjẹ́ láìpariwo, wọn kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé wọn kò mọ jígí. "Ètò Bàbá mọ jígí," ni ó wí. "Èmi kò lè kọ irú rẹ̀. Bí mo bá parọ́ pé mo lè kọ ọ́, a ó tún rí aránṣọ mìíràn."

Ó dun Tíṣà pé ó sọ ọ́. Ìbá sàn fún un bí ó bá ti bú òun.

Ìyá Awò dìde. "Tíṣà, ìwọ nìkan ni ó mọ méjèèjì dé ìdí. Ní ọ̀la, kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, ìwọ ni kí o sọ ohun tí a ó ṣe. Èmi yóò tẹ̀lé e. Bí o bá ní kí a pa àwọn àpótí, a ó pa wọ́n. Orí rẹ ni yóò wà."

Ó lè pa wọ́n nítorí náà. Tíṣà rò ó láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé, ó sì rò ó láti ilé padà dé ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Owú kò lọ. Ó ń wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ajá tí kì í ṣe tirẹ̀ tí ó sì ń tẹ̀ lé e: ó dúró bí ó bá dúró, ó rìn bí ó bá rìn.

Ìyàwó ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé. Ó ti sọ fún ṣíìtì pé ọ̀rọ̀ ni kí ó ka ìlà nọ́ńbà sí. Àmì àròpọ̀ sì ti ń dúró. Tíṣà fi ojú ìwé mẹ́rin lé orí tábìlì Ìyàwó. Gbogbo òfin tí ó wà nínú ètò rẹ̀ ni ó kọ síbẹ̀ ní Yorùbá geere: ti àmì, ti ilé ìwòsàn kan tí ó máa ń kọ ojú òsì ṣáájú ọ̀tún, ti bí a ṣe ń gba kọ́kọ́rọ́ ìmeèlì àti ọjọ́ tí ó yẹ kí a tún un gbà.

Ìyàwó kà á dé ìparí. "Bàbá, ṣé ẹ kò bínú sí mi?"

"N kò bínú. Owú ni mo ń jẹ. Wọ́n yàtọ̀ síra."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fa àga fún un.

Nígbà tí Ìyá Awò wọlé, Tíṣà sọ ọ́ ní ṣókí. Kí àwọn àpótí máa gbé iṣẹ́ lọ, kí a sì san owó wọn, nítorí pé owó yẹn kéré sí ọjọ́ méjì tí iṣẹ́ fi jókòó sínú ìmeèlì. Kí Ọmọ Tíṣà má tẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa yẹ nọ́ńbà wò lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí Agéjígí má sì gbé jígí sórí ẹ̀rọ kí àyẹ̀wò tó kọjá. Kí Ọmọ Tíṣà kọ́ ariwo pípa, kí ó máa ké bí òun fúnra rẹ̀ bá dití. Kí Ìyàwó kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe, ìlà kan lóòjọ́.

"Ó tán?" ni Ìyá Awò bèèrè.

"Ó ku ẹyọ kan."

Ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣí ètò ọgọ́ta ìlà náà, ó sì dé ibi tí nọ́ńbà fóònù wà. Ìyàwó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà pa nọ́ńbà tirẹ̀ rẹ́. Ó kọ ti Ìyàwó síbẹ̀, ó sì kọ ti Ìyá Awò tẹ̀ lé e.

"Tiyín ńkọ́, Bàbá?"

"Bí ó bá wà níbẹ̀, èmi ni n ó máa kọ́kọ́ mọ̀," ni Tíṣà wí. "Kò yẹ kí n tún máa kọ́kọ́ mọ̀ mọ́."

Ó fi ìyípadà náà pamọ́ sínú ètò, ó sì pa á dé.